Ẹ má sùn lé "Recruiters only": àṣìṣe àwọn tó ń wáṣẹ́ lábẹ́lẹ̀

Ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ìṣirò owó ní Ìkẹjà pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọ̀gá rẹ̀ ló pè é sẹ́yìn ìpàdé, tó bi í pé, "Ṣé o ti fẹ́ fi wá sílẹ̀ ni?" Kò tíì sọ fún ẹnì kankan pé òun ń wáṣẹ́, títí kan ìyá rẹ̀. Kò fi àmì aláwọ̀ ewé sára fọ́tò rẹ̀ lórí LinkedIn. Lábẹ́ "Open to work", bọ́tìnnì tó ń fi hàn pé èèyàn ń wáṣẹ́, "Recruiters only" ló yàn, ìyẹn ni pé àwọn tó ń bá iléeṣẹ́ wá òṣìṣẹ́ nìkan ló yẹ kó mọ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló tú mi síta?"

Mo ní kó ya ojú-ewé rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Bí mo ṣe dé abala "Experience" ni mo ti rí i. Níbi tó yẹ kí àmì iléeṣẹ́ rẹ̀ wà, àpótí eérú kan lásán ló wà níbẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn, àwọn tó mọ̀ ọ́n ò sì pọ̀. Tí ẹ bá ń kọ orúkọ ibi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ sórí LinkedIn, bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni orúkọ àwọn iléeṣẹ́ á máa jáde nísàlẹ̀, pẹ̀lú àmì wọn. Ẹ gbọ́dọ̀ tẹ èyí tó jẹ́ tiyín nínú wọn. Ìgbà yẹn ni LinkedIn tó mọ̀ pé ibẹ̀ ni ẹ wà. Ọmọbìnrin yìí kò tẹ̀ ẹ́. Orúkọ ìnagijẹ tí gbogbo wọn ń pe iléeṣẹ́ náà ló kọ, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Lójú LinkedIn, ibòmíì tí kò so mọ́ ibì kankan ló ti ń ṣiṣẹ́. Ohun tí "Recruiters only" ń ṣe kò ju pé kó wo iléeṣẹ́ tí ẹ so ara yín mọ́, kó sì gbìyànjú láti má fi yín han àwọn tó ń wá òṣìṣẹ́ fún ibẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí kò ti rí okùn tó so ó mọ́ iléeṣẹ́ rẹ̀, kò sí ẹni tó máa fi í pamọ́ fún. Àwọn tó ń gbani síṣẹ́ ní iléeṣẹ́ tirẹ̀ ń wá oníṣirò tuntun, wọ́n ṣẹ́ àwárí wọn kù sí àwọn tó jẹ́ "Open to work", òun náà sì wà láàárín wọn.

Nítorí náà, kí ẹ tó tan bọ́tìnnì yẹn rárá, ẹ lọ wo abala "Experience" yín. Bí àmì iléeṣẹ́ kò bá sí níbẹ̀, ẹ tẹ pẹ́ńsù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ pa orúkọ náà rẹ́, ẹ tún un tẹ̀, kí ẹ sì mú èyí tó tọ́ nínú àwọn tó bá jáde. Iléeṣẹ́ míì wà tí kò ní ojú-ewé lórí LinkedIn rárá. Bí tiyín bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ohun tí ẹ lè so ara yín mọ́ kò sí. Èmi ò ní gbà yín níyànjú láti tan "Open to work" níbẹ̀.

Àní bí ẹ bá so ó dáadáa, LinkedIn fúnra rẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé àṣírí yín máa bò pátápátá. Àwọn èèyàn kì í kà á. Ibi tó ti ń jò ni àwọn tó ń bá iléeṣẹ́ oríṣiríṣi wá òṣìṣẹ́ gbowó. Orúkọ iléeṣẹ́ tiwọn ló wà lórí àkáǹtì wọn, kì í ṣe ti ọ̀gá yín, kò sì sí bí LinkedIn ṣe fẹ́ mọ̀ pé ọ̀gá yín ni oníbàárà wọn. Etí ọba nílé, etí ọba lóko, èèyàn ní ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá mọ̀ pé irú àwọn bẹ́ẹ̀ ló bá yín wọ ibi tí ẹ wà, tàbí tí iṣẹ́ yín jẹ́ èyí tí gbogbo àwọn tó ń ṣe é ní Èkó mọ ara wọn, ẹ fi bọ́tìnnì yẹn sílẹ̀ ní pípa. Ẹ ṣí "Job alerts" dípò rẹ̀. Ìyẹn á máa fi iṣẹ́ tuntun ránṣẹ́ sí yín, kò sì ní fi yín sáàárín àwọn tó jẹ́ "Open to work". Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kí iṣẹ́ tó jáde lọ́nà yìí, nítorí ẹ̀yin lẹ máa wá a, kì í ṣe òun ló máa wá yín. Mo ṣì fara mọ́ ọn ju èkejì lọ.

Àṣìṣe kejì ni kí èèyàn jí lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, kó tún gbogbo ojú-ewé rẹ̀ kọ tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Nígbà tí ẹ bá ń fi nǹkan sí "Experience", ìlà kan wà lókè tó ń jẹ́ "Notify network". Bó bá wà ní títàn, LinkedIn lè gbé ìyípadà yín síwájú àwọn ojúlùmọ̀ yín, àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ sì wà lára wọn. Ẹ pa á kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Bẹ́ẹ̀ náà, pípa á kò dí ojú èèyàn. Ẹni tó bá ṣí ojú-ewé yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó tún ṣí i lónìí, tó rí fọ́tò tuntun, àkọlé tuntun àti ọgbọ́n iṣẹ́ mẹ́wàá tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò nílò ẹni tó máa ṣàlàyé fún un. Ẹ pín in sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Bí ẹ bá fẹ́ wo ojú-ewé ẹni tó máa fọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò, ẹ kọ́kọ́ wọ "Settings & Privacy", lẹ́yìn náà "Visibility", kí ẹ mú "Private mode" lábẹ́ "Profile viewing options". Bí ẹ kò bá máa sanwó fún LinkedIn, ẹ̀yin náà kò ní rí àwọn tó wo tiyín fún ìgbà yẹn.

Èyí tó kù, mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ dáadáa, nítorí pé kì í ṣe orí LinkedIn ló ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹgbẹ́ WhatsApp tí wọ́n ti ń kéde iṣẹ́ ni. Nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn tó kù sábà máa ń rí nọ́ńbà yín. Àwọn tó ń gbani síṣẹ́ ní iléeṣẹ́ yín sì lè wà níbẹ̀, nítorí ibẹ̀ làwọn náà ti ń polówó àyè tó ṣófo. Ẹni tó bá ti ní nọ́ńbà yín lórí fóònù rẹ̀, orúkọ yín gan-an ló máa rí. Ẹ má ṣe ju ìwé ìtàn iṣẹ́ yín sáàárín ẹgbẹ́, ẹ má kọ "mo nífẹ̀ẹ́ sí i" sábẹ́ ìkéde. Ẹ mú àdírẹ́sì ímeèlì tí wọ́n kọ síbẹ̀, kí ẹ fi ímeèlì tara yín kọ̀wé sí wọn, láti orí fóònù yín, kì í ṣe láti orí kọ̀ǹpútà iṣẹ́.

Ọmọbìnrin Ìkẹjà yẹn pa "Open to work" rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ohun tí wọ́n ti rí, wọ́n ti rí i, pípa á kò lè pa á rẹ́ lọ́kàn wọn. Ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé lóòótọ́ lòun ń wo ohun tó wà níta, pé owó oṣù òun ti pẹ́ lójú kan, ọ̀gá náà sì gbọ́. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ló lọ, pẹ̀lú ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé kalẹ̀.