Ibi tí ìṣirò DuPont ti ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà

Mi ò ní máa ṣàlàyé ìṣirò yìí láti orí bọ́ sí ẹsẹ̀. Ẹ̀yin náà ti mọ̀ pé ọ̀nà mẹ́ta la ń pín ROE, ìyẹn èrè lórí owó àwọn onípìn-ín, sí:

```
ROE = (èrè ÷ ọjà) × (ọjà ÷ dúkìá) × (dúkìá ÷ owó onípìn-ín)
```

Ohun tó ń bí mi nínú ni báwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ṣe ń pín in tán, tí wọ́n á sì tún fi owó ra ìpín tí kò yẹ kí wọ́n fọwọ́ kàn.

1. Ẹ má fi èrè odidi ọdún wé dúkìá ọjọ́ kan ṣoṣo tó kẹ́yìn ọdún. Ẹ ro ti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún àti ti òpin ọdún pọ̀, kẹ́ ẹ pín in sí méjì.

2. Owó tí wọ́n rí nídìí ilẹ̀ tí wọ́n tà kì í ṣe èrè ọjà. Ẹ kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò.

3. Bí owó onípìn-ín bá ti wọ ìsàlẹ̀ òdo, ẹ pa ìwé náà dé. Àdánù tí a pín pẹ̀lú owó tó ti di gbèsè á fún yín ní ROE tó ń dán bíi góòlù.

4. Èyí gan-an ló gbé mi dìde. Àwọn èèyàn rò pé ẹ̀yà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dá dúró gedegbe, pé gbèsè ò lè kan èrè orí ọjà. Irọ́ ni. Èlé orí gbèsè ń jẹ nínú èrè kí èrè tó délé.

Ẹ wo ilé iṣẹ́ kan tó ta ọjà mílíọ̀nù 1,000. Dúkìá rẹ̀ jẹ́ 800: 400 jẹ́ ti onípìn-ín, 400 yòókù jẹ́ gbèsè. Iṣẹ́ náà mú 120 wọlé kí wọ́n tó san èlé, èlé gba 40, èrè ku 80. Mo yọ owó orí sílẹ̀ kọ́rọ̀ má baà gùn. Èrè orí ọjà jẹ́ 8%, dúkìá yí po lẹ́ẹ̀kan àti ìdámẹ́rin, ìyẹn 1.25, dúkìá sì jẹ́ ìlọ́po méjì owó onípìn-ín. ROE jẹ́ 20%.

Wọ́n wá yá 160 sí i, èlé rẹ̀ jẹ́ 12.5%, wọ́n sì fi ra ìpín tiwọn padà. Owó onípìn-ín di 240. Ọjà ò yí padà, dúkìá ò yí padà, 120 náà ló ṣì ń wọlé. Ṣùgbọ́n èlé ti di 60, èrè ku 60. Èrè orí ọjà já sí 6%, ìlọ́po dúkìá di 3.33, ROE sì fò sókè sí 25%.

Ẹni tí kò pín in rárá á ní àwọn alákòóso yìí mọṣẹ́. Ẹni tó pín in ní ìdajì á ní ọjà wọn ti ń dín lérè, kí wọ́n gbówó lé e. Àwọn méjèèjì ló ṣì í. Kò sóhun tó ṣẹlẹ̀ nídìí ọjà.

Ẹni kejì yẹn, èmi náà ni nígbà kan. Mo rí i pé èrè orí ọjà ilé iṣẹ́ kan já, mo jókòó, mo kọ ojú ìwé mẹ́rìnlá tí mo fi bá àwọn tó ń tajà wí pé wọ́n ń ta ọjà ní pọ́ọ́kú jù. Mi ò tiẹ̀ wo ìlà èlé. Mo kà á níwájú gbogbo wọn pẹ̀lú ìgbéraga, kí akọ̀wé owó tó nawọ́ sókè, tó béèrè bóyá mo rí gbèsè tuntun tí wọ́n yá.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ rèé. Ẹ fi owó tó wọlé ṣáájú èlé pín pẹ̀lú ọjà: 12% ni lọ́dún méjèèjì. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ohun tí èlé ṣẹ́ kù nínú rẹ̀: 80 nínú 120 tẹ́lẹ̀, 60 nínú 120 báyìí. Àrùn náà ti hàn. Donaldson Brown tó gbé ìṣirò yìí kalẹ̀ ní ilé iṣẹ́ DuPont láàárín ọdún 1910 sí 1919, èrè orí ọjà àti ìyípo dúkìá nìkan ló fi ṣe é. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n fi gbèsè kún un.

Àti pé 25% yẹn ò lágbára. Ká ní ọdún kan burú, tí 80 péré wọlé dípò 120. Lábẹ́ gbèsè àtijọ́, èrè á jẹ́ 40 lórí 400, ìyẹn 10%. Lábẹ́ gbèsè tuntun, 20 ló máa kù lórí 240, ìyẹn 8.3%. Gbèsè tó gbé e ga lọ́dún tó dáa náà ló já a lulẹ̀ yẹn.

Nọ́ńbà ti gbé mi lọ, ẹ forí jì mí. Ní ti ojú ìwé mẹ́rìnlá yẹn, mo lọ bẹ ọ̀gá àwọn tó ń tajà, ó sì ní kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n títí dòní, bí mo bá ti yọjú, á ní: "Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní a ń ta ọjà ní pọ́ọ́kú."