Bí a Ṣe Ń Yẹ Nǹkan Márùn-ún Wò Kí Oògùn Tó Wọ Ara Aláìsàn

Tí wọ́ọ̀dù bá kún, àṣìṣe oògùn sábà máa ń wọlé níbi tí wọ́n ti pe nọ́ọ̀sì kúrò lẹ́nu iṣẹ́, tó padà dé, tó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rò pé òun dé. Nǹkan márùn-ún ló gbọ́dọ̀ tọ́ kí oògùn kankan tó wọ ara: aláìsàn, oògùn, ìwọ̀n, ọ̀nà tó máa gbà wọlé, àti àkókò. Ẹ jẹ́ ká fi gẹntamáísìn 60 mg tí dókítà ní ká fún aláìsàn sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán ṣe àpẹẹrẹ.

Ìwé oògùn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣí. Ẹ wo àkókò tí wọ́n fún un kẹ́yìn àti ẹni tó fọwọ́ sí i, torí nígbà tí wọ́n bá ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, nọ́ọ̀sì méjì lè fún ẹnì kan ní oògùn kan náà. Ẹ wò ó bóyá oògùn kan wà tí ara aláìsàn náà kì í gbà. Tí wọn ò bá kọ ọ̀nà tí oògùn máa gbà wọlé, ẹ má méfò o: gẹntamáísìn ṣeé gún sínú ẹran ara náà. Ẹ bi dókítà.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìgò oògùn, kẹ́ ẹ ka orúkọ àti agbára rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé. Ká ní 80 mg ló wà nínú 2 ml, á jẹ́ pé 40 mg ló wà nínú 1 ml. Ẹ pín 60 sí ọ̀nà 40: 1.5 ml lẹ máa fà. Ẹni tó bá fa gbogbo ìgò ti fi ìdá kan nínú mẹ́ta lé ìwọ̀n náà, oògùn yìí sì lè ba kíndìnrín àti etí jẹ́. Ẹ ní kí ẹlòmíì ṣe ìṣirò tirẹ̀, ẹ má tíì sọ iye tẹ́ ẹ rí fún un. Ẹni tó ti gbọ́ ìdáhùn kì í sábà rí àṣìṣe inú rẹ̀. Ẹ lẹ orúkọ oògùn àti ti aláìsàn mọ́ síríńjì.

Lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ẹ bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ yín? Ọjọ́ wo la bí yín?" Ẹ má pe orúkọ náà fún un kó kàn dáhùn: ẹni tóorun ń kùn tàbí tí kò gbọ́ràn dáadáa á ṣáà sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ fi ìdáhùn rẹ̀ wé ohun tó wà lára báńdì ọwọ́ rẹ̀ àti ìwé oògùn. Nọ́ńbà bẹ́ẹ̀dì kì í ṣe ẹ̀rí, torí wọ́n máa ń gbé aláìsàn láti bẹ́ẹ̀dì kan sí òmíràn. Tí kò bá lè sọ̀rọ̀, báńdì ọwọ́ náà lẹ máa kà, kì í ṣe ojú tẹ́ ẹ mọ̀.

Ẹ wo ojú ibi tí kánúlà wà. Tó bá ti wú tàbí tó ń dùn ún, ẹ má gún oògùn gba ibẹ̀.

Tí wọ́n bá pè yín láàárín, ẹ padà sórí ìwé oògùn látìbẹ̀rẹ̀. Tí aláìsàn bá sọ pé òun ti gba abẹ́rẹ́ yẹn tẹ́lẹ̀, ẹ dúró, kẹ́ ẹ wádìí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó gún un. Ẹ̀yìn tí oògùn bá wọlé tán lẹ tó máa fọwọ́ sí i, ibẹ̀ náà, kẹ́ ẹ tó kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó kàn.