Má bẹ alárinà báyìí bí o bá ń wá oníbàárà

"Ẹ kú àárọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní nọ́ńbà ìyá tó ni ilé ìwé yẹn, mo fẹ́ máa bá wọn rán yunifọ́ọ̀mù." Báyìí ni ọ̀pọ̀ télọ̀ ṣe máa ń kọ ọ́ sí ojúlùmọ̀ lórí Wásáàpù. Ojúlùmọ̀ á kà á, kò ní fèsì. Kì í ṣe ìkà. Nọ́ńbà ẹni ẹlẹ́ni lo ń tọrọ, bí o bá sì pe ìyá náà nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dí, alárinà ni wọ́n máa bínú sí. Ohun tó yẹ kí o bẹ̀ ẹ́ fún ni pé kó kọ́kọ́ bi ìyá náà bóyá ó fẹ́ kí ẹ jọ sọ̀rọ̀.

Àṣìṣe tó ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ jù ni pé kí o sọ pé, "Ẹ ṣáà bá mi bá wọn sọ ọ́ dáadáa." Kí ni kó sọ? Kò mọ irú aṣọ tí o ń lò, kò mọ iye tí o ń gbà. Á ní òun á kọ ọ́ tó bá dalẹ́, ó parí nìyẹn. Ìwọ ni kó o kọ ọ́. Àtẹ̀jíṣẹ́ méjì ni. Ti alárinà nìkan nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Mo gbọ́ pé ilé ìwé ọ̀rẹ́ yín fẹ́ pààrọ̀ yunifọ́ọ̀mù. Ṣé ẹ lè bá mi bi wọ́n bóyá wọ́n á fẹ́ rí iṣẹ́ mi? Bí kò bá rọrùn, kò sí wàhálà rárá."

Èkejì ni yóò fi ṣọwọ́ bó ṣe wà:

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Télọ̀ ni mí n'Íbàdàn, yunifọ́ọ̀mù ni mo ń rán jù. Mo lè gbé ṣẹ́ẹ̀tì kan wá lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹ fọ̀ ọ́ wò bóyá àwọ̀ rẹ̀ á ṣí."

Má fi fọ́ìsì nóòtù ṣe é. Èyí tí o ti fi kí ọkọ àti ọmọ alárinà kò ṣe é fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Má sì kọ ọ̀rọ̀ owó ọpẹ́ sínú èyí tó máa fi ṣọwọ́.

Bí alárinà kò bá tíì wọ aṣọ tí o rán rí, má ní kó sọ pé o mọṣẹ́. Kó sọ ibi tó ti mọ̀ ọ́, ì báà ṣe ṣọ́ọ̀ṣì tàbí àdúgbò. Ìyẹn tó kí ìyá náà fi ka ọ̀rọ̀ rẹ.

Oṣù Kẹsàn-án ni sáà ẹ̀kọ́ tuntun ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá dúró di ìparí oṣù Kẹjọ kó tó bẹ̀bẹ̀ á bá a pé wọ́n ti ra aṣọ, wọ́n sì ti gbé e fún ẹlòmíràn. Oṣù Karùn-ún tàbí Ìkẹfà ló dáa.

Bí ìyá náà bá fèsì, sọ fún alárinà lọ́jọ́ náà gan-an, kó má baà tún lọ rán an létí. Bó bá kọ̀, sọ ọ́ fún un bákan náà, kí o sì dúpẹ́.