Bí a ṣe ń mọ ọjọ́ tí "ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀" jẹ́ nínú àtẹ̀jíṣẹ́

Ká ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 2026, ni àtẹ̀jíṣẹ́ yìí wọlé sórí fóònù yín: "Ẹ jẹ́ ká pàdé ní ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí ìwé àdéhùn náà tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ìparí oṣù." Kò sí ọ̀rọ̀ tó le níbẹ̀, àmọ́ ọjọ́ mẹ́rin ló fara pamọ́ sínú gbólóhùn méjì yẹn.

1. Ẹ kọ́kọ́ wá ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́. Ọjọ́ tí ẹ kà á kọ́ la fi ń ṣírò. Èyí tí wọ́n darí wá látọ̀dọ̀ ẹlòmíì ló ń ṣini lọ́nà jù, torí pé lórí WhatsApp, àkókò tí ẹni tó darí rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí yín ló máa ń hàn, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́. Ó lè jẹ́ pé "ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀" náà ti kọjá lọ.

2. Ẹ kọ ọjọ́ méjèèjì tó lè jẹ́ sílẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ wa, ọjọ́ 15 àti ọjọ́ 22 ni. Àwọn kan gbà pé ọjọ́ Ẹtì tó bá kọ́kọ́ dé ni "tó ń bọ̀". Lójú àwọn mìíràn, èyí tó wà nínú ọ̀sẹ̀ yìí ti ní orúkọ tirẹ̀, ìyẹn "ọjọ́ Ẹtì yìí", nítorí náà ti ọ̀sẹ̀ kejì ni "tó ń bọ̀". Kò sẹ́ni tó jẹ̀bi nínú wọn. Bó bá jẹ́ "ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí" ni wọ́n kọ, ọ̀rọ̀ ti rọrùn díẹ̀: ọjọ́ 18, tó sún mọ́ jù, ni "yìí" ń tọ́ka sí.

Ẹ ṣọ́ra fún àtẹ̀jíṣẹ́ ọjọ́ Àìkú. Kàlẹ́ńdà kan ń fi ọjọ́ Àìkú bẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀, òmíràn ń fi ọjọ́ Ajé bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí ẹnì kan bá kọ "ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀" ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 17, ó lè jẹ́ ọ̀la ló ń wí, ó sì lè jẹ́ ọjọ́ 25.

3. Ẹ wò ó bóyá ó ní orúkọ tó yá ju èyí tó lò lọ. Ọgbọ́n yìí ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù. Ẹni tó kọ "ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀" ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 14, ì bá ti sọ pé "ọ̀la" bó bá jẹ́ ọjọ́ 15 ló ní lọ́kàn. Ọjọ́ 22 ló ń sọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú. Ti Ọjọ́rú kò fi bẹ́ẹ̀ dájú, torí "ọ̀túnla" kì í sábà yá àwọn èèyàn lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ti ọjọ́ Ajé ló wá ṣòro jù, ẹ má méfò rárá.

4. Ẹ ṣí kàlẹ́ńdà fún ìparí oṣù. Ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2026 bọ́ sí ọjọ́ Àìkú. Bí ẹni tó fẹ́ gba ìwé náà kì í bá ṣiṣẹ́ lópin ọ̀sẹ̀, ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 29, ni ìparí oṣù lójú tirẹ̀. Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé gbogbo ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ lẹ fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ di ọjọ́ 29 mú. Èyí tó bá yá kì í bí ẹnikẹ́ni nínú. Ti ìpàdé yàtọ̀, ẹ béèrè.

5. Ẹ béèrè lọ́nà tí "bẹ́ẹ̀ ni" kò fi ní rú yín lójú. Bí ẹ bá ní, "Ṣé ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ lẹ wí?", bẹ́ẹ̀ ni ni wọn yóò dáhùn, ẹ ò sì tíì mọ nǹkan kan. Ẹ kọ orúkọ ọjọ́ pọ̀ mọ́ iye rẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ṣé ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún, ni ìpàdé wa? Màá fi ìwé náà ránṣẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 29."

Orúkọ àti iye máa ń ṣọ́ ara wọn. Bí wọ́n bá kọ 05/06/2026, ìlú kan á kà á sí ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà, ìlú mìíràn á kà á sí ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún. Ọjọ́ Ẹtì ni ti àkọ́kọ́, Ọjọ́rú ni ìkejì, nítorí náà bí orúkọ ọjọ́ bá wà níbẹ̀, àríyànjiyàn ti parí. Bí orúkọ àti iye kò bá bára mu, ẹ má yan ọ̀kan fúnra yín, ẹ dá a padà fún ẹni tó kọ ọ́.

Bí wọn ò bá dáhùn, ẹ fi ọjọ́ 15 sílẹ̀ láìgba nǹkan mìíràn sí i, kí ẹ sì tún béèrè ní àárọ̀ ọjọ́ 14.