Kí ẹ tó lu ògiri fún dígí orí bésíìnì

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń parí ilé lọ́wọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde àti agbègbè rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó lu ògiri balùwẹ̀, ẹ kọ́kọ́ lẹ páálí tó tóbi tó dígí náà mọ́ ọn, kí ẹni tó ga jù àti ẹni tó kúrú jù nínú ilé sì dúró níwájú rẹ̀, kí ojú àwọn méjèèjì bọ́ sí àárín páálí náà. Ní ilé tèmi, etí bésíìnì ga ní 85 sẹ̀ǹtímítà. Mo wá bẹ̀rẹ̀ dígí ní 105, mo sì parí rẹ̀ sí 185. Dígí oní-kọ́bọ́ọ̀dù ni mo kọ́kọ́ fẹ́, ṣùgbọ́n ó yọ síta ní 15 sẹ̀ǹtímítà, bí mo bá sì ti tẹríba láti bọ́jú, iwájú orí mi á gbá a.

Iná gan-an ló gba ìrònú jù. Gílóòbù kan ṣoṣo lókè orí máa ń da òjìji sábẹ́ ojú àti àgbọ̀n, ibi tí abẹ ìfárùngbọ̀n ti ń ṣi ọwọ́ nìyẹn. Ẹ fi iná sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dígí ní ọ̀gangan ojú, kí ẹ sì fi ìbòrí funfun bò ó kí ó má baà ta yín lójú. Dígí tí kì í jẹ́ kí ooru omi gbígbóná bo ojú rẹ̀, iná mànàmáná ló ń mú ẹ̀yìn rẹ̀ gbóná. Bí iná bá lọ, kò yàtọ̀ sí dígí lásán.