Bí Ẹ Ṣe Lè Pa Eré Sísá àti Irin Gbígbé Pọ̀ Láàárín Ọ̀sẹ̀ Kan

Ẹni tó ń múra sílẹ̀ fún ìdajì máráthọ́nì, ìyẹn eré kìlómítà 21 àti díẹ̀, tó sì tún fẹ́ máa gbé irin, ni a kọ ìwé yìí fún. Àwọn tó ń sáré láàárọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ máa ń sọ pé irin ń mú ẹsẹ̀ wúwo. Òótọ́ ni pé ẹsẹ̀ wọn ń wúwo, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ọjọ́ tí wọ́n gbé irin náà sí ló fà á.

Ẹ jẹ́ ká mú ọlọ́jà kan tó ń ta aṣọ ní Tákíe. Ó ń sáré nǹkan bíi kìlómítà 35 lọ́sẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló máa ń sá eré kíkankíkan, àárọ̀ Sátidé ló máa ń sá èyí tó jìn jù, kìlómítà 15. Ìrọ̀lẹ́ Fráìdè, lẹ́yìn tó bá ti kó ọjà wọlé, ló ń lóṣòó pẹ̀lú ẹrù nítorí pé ìgbà yẹn ni ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀. Ní Sátidé, kó tó dé kìlómítà 10, itan rẹ̀ ti le, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wọ́lẹ̀, ó sì ń rò pé òun ò jẹun dáadáa ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Nígbà tí èèyàn bá ń rọra sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹrù, ẹran ara itan ń fà nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, àwọn fọ́nrán inú rẹ̀ á sì ya díẹ̀díẹ̀. Ara á tún wọn ṣe, wọ́n á sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó gbà á lákòókò. Ríro yẹn kì í sábà dé lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ kejì sí ọjọ́ kẹta ló máa ń le jù. Láàárín àkókò yẹn itan ò lágbára tó, ẹni tó bá sì fi irú itan bẹ́ẹ̀ sá kìlómítà 15 á yí bó ṣe ń gbé ẹsẹ̀ padà láìmọ̀, orúnkún àti ìbàdí á wá máa jẹ ìyà tí kì í ṣe tiwọn.

Nítorí náà, ẹ kó iṣẹ́ líle sí ọjọ́ kan náà. Ó lè yani lẹ́nu, torí ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ síni lọ́kàn ni pé ká pín in: eré lónìí, irin lọ́la. Bí ẹ bá pín in bẹ́ẹ̀, kò ní sí ọjọ́ kankan tí ẹsẹ̀ máa sinmi. Ẹ sá eré kíkankíkan láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí ẹ gbé irin ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó kéré tán wákàtí 6 lẹ́yìn eré. Eré ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, torí eré ni ẹ ń múra fún, àárẹ̀ ò sì gbọ́dọ̀ bá a. Láàárín méjèèjì, ẹ jẹun gidi: àmàlà àti gbẹ̀gìrì pẹ̀lú ẹran tàbí ẹyin, tàbí mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ, kí ẹ sì mu omi dáadáa.

Bí a ṣe tún ọ̀sẹ̀ ọlọ́jà wa tò nìyí. Ọjọ́ Ajé, ó sinmi. Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó rọra sáré fún ìṣẹ́jú 15, ó wá sá eré líle oníṣẹ́jú 4 lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó ń rọra rìn fún ìṣẹ́jú 2 láàárín wọn, ó sì fi ìṣẹ́jú 10 wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ parí rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, ó gbé irin. Ọjọ́rú, kò ṣe nǹkan kan ju ìrìn ọjà lọ. Ọjọ́bọ̀, ó sá kìlómítà 7 jẹ́jẹ́, ó wá fi ìṣẹ́jú 20 ṣe ti ọwọ́ àti ẹ̀yìn. Fráìdè, ìsinmi. Sátidé, kìlómítà 15, láago márùn-ún ààbọ̀ kí oòrùn àti ọkọ̀ tó pọ̀. Ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, kìlómítà 5 tó fi ń na ẹsẹ̀. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí àárọ̀ Sátidé ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, itan ti padà bọ̀ sípò.

Kí ni kó gbé? Ẹ má tẹ̀ lé àwọn tó ń gbé ẹrù fẹ́ẹ́rẹ́ ní ìgbà 30 títí ara á fi máa jó. Eré yín ti ń kọ́ ẹsẹ̀ ní ìfaradà tẹ́lẹ̀. Ohun tí ẹ ń wá lọ́dọ̀ irin ni agbára, kí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan má baà gba púpọ̀ nínú agbára tí ẹ ní. Ẹrù tó wúwo díẹ̀, ìgbà 6, ẹ sinmi ìṣẹ́jú 2 sí 3, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ìyẹn ọ̀wọ́ mẹ́ta. Ẹ dúró nígbà tí ẹ mọ̀ pé ẹ ṣì lè ṣe ìgbà 2 tàbí 3 sí i.

Bí kò bá sí jíìmù nítòsí, kẹ́ẹ̀gì tó. Kẹ́ẹ̀gì lítà 10 tí ẹ rọ iyanrìn gbígbẹ kún á tó kìlógíráàmù 15. Ẹ gbá a mọ́ àyà, kí ẹ máa lóṣòó. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tó kún fún omi jẹ́ nǹkan bíi kìlógíráàmù 25. Bí agbára bá ti ń pọ̀ sí i, ẹ fi méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan, ṣe gbígbé ẹrù láti ilẹ̀, kí ẹ̀yìn má tẹ̀, kó jẹ́ ìdí ló máa lọ sẹ́yìn. Ẹ má lo omi tí kò kún, torí á máa dà síhìn-ín sọ́hùn-ún, á sì fa ẹ̀yìn sí ẹ̀gbẹ́ kan. Lẹ́yìn náà, ẹ dúró sí etí àtẹ̀gùn lórí ẹsẹ̀ kan, kí ẹ máa gbé gìgísẹ̀ sókè, kí ẹ sì rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ìgbà 12, lẹ́ẹ̀mẹta ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Mi ò ní jẹ́ kí asáré kankan fo èyí, torí ẹran ẹ̀yìn ojúgun ló ń ṣiṣẹ́ jù nínú eré ọ̀nà jíjìn. Fún ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́, ẹ fi ìlàjì ẹrù bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ebè kíkọ náà jẹ́ irin gbígbé. Bí ẹ bá kọ ebè láti òwúrọ̀ di ọ̀sán, tàbí tí ẹ ru àpò gààrí, ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn ti gba tiwọn. Ẹ gbé iṣẹ́ oko yẹn sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí ẹ fi rọ́pò kẹ́ẹ̀gì. Bí oko bá bọ́ sí Fráìdè tí kò ṣeé yẹ̀, ẹ dín eré jíjìn kù sí kìlómítà 8.

Eré jẹ́jẹ́ Ọjọ́bọ̀ ló máa sọ fún yín bí ẹrù bá ti pọ̀ jù. Bí ẹ bá ń sá bí ẹ ṣe máa ń sá, tí ẹ ò sì lè sọ gbólóhùn kan parí kí èémí tó já, ẹ yọ ọ̀wọ́ kan kúrò nínú mẹ́ta ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Itan tó ń ro káàkiri, lọ́tùn-ún lósì, á lọ fúnra rẹ̀. Ìrora tó dúró sójú kan lórí eegun ojúgun, tó ń dun yín bí ẹ bá fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ tàbí tí ẹ bá fi ẹsẹ̀ náà tọ, yàtọ̀ pátápátá. Ẹ dá eré dúró, kí ẹ lọ rí dókítà, torí egungun lè ti fẹ́ sán.

Bí ọjọ́ ìdíje bá ku ọjọ́ 10, ẹ gbé ẹrù wíwúwo ìgbẹ̀yìn. Bó bá ku ọjọ́ 5 tàbí 6, ẹ lóṣòó pẹ̀lú ìlàjì ẹrù náà, ọ̀wọ́ kan péré, kí ara má baà gbàgbé. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má fọwọ́ kan kẹ́ẹ̀gì mọ́ títí ẹ ó fi sá kìlómítà 21 náà tán.