Bí mo ṣe fi iye àìkún dá ìyẹ̀fun funfun kan mọ̀

Olùkọ́ wa ní Akọka pín ìyẹ̀fun funfun kan fún wa nínú yàrá ìdánwò kẹ́mísìrì, ó sì ní kí olúkúlùkù ṣàwárí ohun tí ó jẹ́. Ìwé tí a fún wa pẹ̀lú rẹ̀ wá láti inú ẹ̀rọ tí ń wọn ìwúwo mọ́líkù: ìlà tí ó ga jù lọ lórí rẹ̀ wà ní 152, fọ́múlà tí ẹ̀rọ náà sì kọ sí i ni C8H10NO2+.

Kí n tó ya àwòrán kankan, mo kọ́kọ́ wá iye háídírójìn tí ó sọnù. Bí káábọ́nù mẹ́jọ bá so pọ̀ láìsí òrùka, láìsí ìdè onílọ́po méjì, háídírójìn 18 ni wọn yóò gbà. Náítírójìn kan fi ẹyọ kan kún un, nítorí ọwọ́ mẹ́ta ni ó ní, ó di 19. Ọ́síjìn kò yí iye yìí padà, nítorí pé ọwọ́ méjì péré ni ó ní, ó kàn ń wọ àárín àwọn méjì tí ó ti di ara wọn mú ni. Háídírójìn méjì-méjì tí ó bá sọnù dúró fún òrùka kan tàbí ìdè onílọ́po méjì kan. Ìdè onílọ́po mẹ́ta jẹ́ méjì. Àròpọ̀ wọn ni iye àìkún, tí a ń fi U dúró fún.

Fọ́múlà tí ẹ̀rọ kọ ní háídírójìn 10, mẹ́sàn-án ló sọnù, ìyẹn 4.5. Kò sí mọ́líkù odindi tí ó lè ní ààbọ̀ òrùka. Ààbọ̀ yìí ni ó fi hàn mí pé inú ẹ̀rọ ni mọ́líkù náà ti gba pírótọ́ọ̀nù kan mọ́ra. Mo yọ ọ́ kúrò, ó ku C8H9NO2, tí ìwúwo rẹ̀ jẹ́ 151. Iye tí kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba ni 151, èyí sì bá náítírójìn kan ṣoṣo mu.

```
U = C - H/2 + N/2 + 1
U = 8 - 9/2 + 1/2 + 1 = 5
```

Òrùka bẹ́ńsíìnì ń gba mẹ́rin nínú márùn-ún: òrùka kan àti ìdè onílọ́po méjì mẹ́ta. Òun ni mo kọ́kọ́ fura sí, nítorí pé háídírójìn inú fọ́múlà náà kò fi bẹ́ẹ̀ ju káábọ́nù lọ, ṣùgbọ́n ìṣirò nìkan kò tó ẹ̀rí. Àwọn ìlà tí ó wà nítòsí 1600 àti 1500 nínú ìwé infuraréèdì ìyẹ̀fun náà, tí ń fi irú ìdè inú rẹ̀ hàn, ni ó jẹ́ kí n gbà á. Ẹyọ kan péré ló kù, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Ẹyọ kan kò lè gba náítíráìlì, tí ìdè onílọ́po mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ méjì, kò sì lè gba ásíìdì káábọ́síílì pẹ̀lú ìdè onílọ́po méjì mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, mo pa gbogbo àwòrán bẹ́ẹ̀ rẹ́. Àwọn tí mo fi sílẹ̀ ni ámáìdì, ẹ́sítà tí ó ní ámínò lára òrùka, àti náítírò.

Àbúrò kan tí ó jókòó tì mí béèrè pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣebí ọ́síjìn méjì ni náítírò ní, kí ló dé tí ẹ fi kà á sí ẹyọ kan?” Mo ya á fún un: ọ̀kan nínú ọ́síjìn náà ní ìdè méjì, èkejì ní ìdè kan pẹ̀lú àmì ìyọkúrò, náítírójìn sì ní àmì àròpọ̀. Bí ènìyàn bá ya náítírójìn ní ọwọ́ márùn-ún, àwòrán rẹ̀ yóò ní ìdè kan tí ìṣirò yìí kò rí. Bákan náà ni dimẹ́táìlì sọ́fọ́ksáìdì, C2H6OS, ṣe máa ń fún wa ní òdo, bí ọ̀pọ̀ tilẹ̀ ń ya ìdè onílọ́po méjì sáàárín sọ́fọ̀ àti ọ́síjìn rẹ̀.

Ooru Èkó bá mi yọ díẹ̀ lára àwọn tí ó kù. Ẹ́sítà tí ámínò rẹ̀ wà nítòsí rẹ̀ gan-an lórí òrùka ń yọ́ ní nǹkan bíi 24°C, omi ni ì bá jẹ́ nínú yàrá wa. Omi náà ni náítírò tí ó ní étáìlì ní iwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́sítà tí ámínò rẹ̀ wà ní òdìkejì òrùka máa ń dì, nítorí náà n kò lè fi ìrísí nìkan dá a dúró. Ìlà káábọ́níìlì ìyẹ̀fun wa wà ní 1654, ó kéré ju ti ẹ́sítà lọ, ó sì bá ámáìdì mu. Nígbà tí mo kán fẹ́ríkì kílóráìdì sí i, ó di àwọ̀ elésè àlùkò, èyí tí ó fi hàn pé ọ́síjìn kejì jẹ́ háídírọ́síìlì tí ó so mọ́ òrùka tààrà.

Nínú irú àwọn ámáìdì bẹ́ẹ̀, mo gbájú mọ́ àwòrán mẹ́ta tí náítírójìn wọn so mọ́ òrùka tí ó sì gbé asẹ́táìlì, wọ́n yàtọ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi tí háídírọ́síìlì náà bá wà lórí òrùka. Márùn-ún ni iye àìkún gbogbo wọn, nítorí náà ìṣirò kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́. Mo fi ìyẹ̀fun náà sínú ẹ̀rọ tí ń wọn ibi ìyọ́. Èyí tí háídírọ́síìlì rẹ̀ wà nítòsí ń kọjá 200°C kí ó tó yọ́, ti àárín kì í dé 150°C. Tiwa yọ́ láàárín 169 àti 170°C: parasitamọ́ọ̀lù ni.